Ẹ̀jẹ̀, Àwọ̀ àti Ààlà Ìdájọ́: Ìlànà Àyẹ̀wò Ẹ̀láísà lórí Àrùn Ìfọ́jú Etí Odò

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ìlànà àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ sí ẹ̀láísà, láti ìgbà tí wọ́n bá fi purotéènì bo ìsàlẹ̀ àwo ike títí di ìgbà tí ẹ̀rọ bá ka ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ dí. Àyẹ̀wò Ov16 tí wọ́n ń lò fún àrùn ìfọ́jú etí odò ni àpilẹ̀kọ náà gbé yẹ̀ wò, nítorí pé èsì rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n fi ń pinnu bóyá kí wọ́n dáwọ́ oògùn dúró ní odidi agbègbè kan. Àlàyé náà fi hàn pé ẹ̀rọ kì í ka àrùn. Iye ẹ́ńsáìmù tí ó ṣẹ́ kù sínú ihò ni ó ń kà. Nítorí náà, gbogbo ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò yìí jẹ́ ọ̀nà láti rí i pé ẹ́ńsáìmù kò ṣẹ́ kù níbi tí kò yẹ kí ó wà.

1.0 Ìfáàrà

Odò Ọ̀tìn ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn lórúkọ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Òkúkù ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ náà, Ìnísà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ìkìrun, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ifẹ́lódùn, kò jìnnà sí wọn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń pín oògùn áífámẹ́kítíìnì fún ará ìlú nítorí àrùn ìfọ́jú etí odò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá mọ ìhúnra rẹ̀ sí ìnárun. Eṣinṣin dúdú kékeré kan tí ń yé ẹyin sínú odò tí omi rẹ̀ ń sáré ni ó ń gbé ọmọ aràn ọnkosẹ́ríkà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn.

Áífámẹ́kítíìnì ń pa àwọn ọmọ aràn tí ó wà nínú awọ ara, ṣùgbọ́n kì í sáábà pa ìyá aràn, èyí tí ó lè wà láàyè fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo oògùn náà lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìbéèrè tí kò rọrùn ni ìgbà wo ni ó tó láti dáwọ́ dúró. Bí wọ́n bá tètè dáwọ́ dúró, àrùn lè padà wá. Bí wọ́n bá sì ń bá a lọ láìnídìí, owó àti làálàá àwọn apínoògùn abúlé yóò máa lọ sórí àrùn tí kò sí mọ́.

Ní ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lórí ọ̀ràn yìí. Ìlànà náà ní kí wọ́n yẹ eṣinṣin wò, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 wò pẹ̀lú àyẹ̀wò Ov16. Kí wọ́n tó lè dáwọ́ oògùn dúró, ìdá àwọn ọmọ tí àyẹ̀wò bá mú gbọ́dọ̀ kéré sí 0.1%, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ tó ọmọ kan nínú 1,000. Ààlà yìí ni ó sọ bí ihò ike kékeré kan ṣe ń yọ àwọ̀ di ọ̀ràn gbogbo ìlú, nítorí pé ọmọ méjì tàbí mẹ́ta péré lè yí ìdájọ́ padà.

2.0 Ohun tí àyẹ̀wò náà ń wá

Nígbà tí ohun àjèjì bá wọ ara, ara a máa ṣe àwọn purotéènì kan tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè di apá kan lára àjèjì náà mú. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹ̀ṣọ́ ara ni a óò máa pe irú purotéènì bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ni ó ń ṣe. Àmì àjèjì ni a óò máa pe ohun tí ẹ̀ṣọ́ náà ń dì mú. Ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan ní àmì tirẹ̀, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ní àgádágodo tirẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tí ara ṣe nítorí igbóná kì í di àmì aràn mú. Lórí ìwà yìí ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀láísà dúró lé.

Ov16 jẹ́ purotéènì kan lára aràn ọnkosẹ́ríkà. Ní ọdún 1991 ni àwọn onímọ̀ ròyìn rẹ̀ pé ẹ̀ṣọ́ tí ara ṣe sí i máa ń tètè fara hàn, nígbà mìíràn kí ọmọ aràn tó hàn nínú awọ ara. Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé ọ̀nà àtijọ́ ni láti gé awọ díẹ̀ lára aláìsàn, kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi, kí wọ́n sì wo ọmọ aràn tí ó bá jáde. Ó máa ń dunni, kì í sì í rí àrùn nígbà tí ọmọ aràn bá ti kéré níye. Purotéènì Ov16 tí wọ́n ń lò lónìí kì í ti ara aràn wá tààrà. Inú kòkòrò bakitéríà ni wọ́n ti ń ṣe é, wọn a sì fọ̀ ọ́ mọ́ kí wọ́n tó lò ó.

Ẹ̀ṣọ́ ara pọ̀ ní oríṣìí. Èyí tí àyẹ̀wò yìí ń wá ni oríṣìí tí a ń pè ní IgG4, èyí tí ó máa ń pọ̀ lára ẹni tí aràn bá ti pẹ́ lára rẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbogbo oríṣìí ẹ̀ṣọ́ pọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ara ṣe nítorí aràn mìíràn lè dàrú mọ́ ọn. Nípa wíwá IgG4 nìkan, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ a máa dín kù.

Ìdí tí ó fi jẹ́ àwọn ọmọdé ni wọ́n ń yẹ̀ wò náà hàn kedere. Ẹ̀ṣọ́ lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí àrùn ti lọ. Àgbàlagbà kan tí àyẹ̀wò bá mú lè ti kó àrùn náà ní ogún ọdún sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́fà bá ní ẹ̀ṣọ́ Ov16, a mọ̀ pé eṣinṣin tí ó gbé aràn gé e jẹ láàárín ọdún mẹ́fà náà. Ọmọ náà ni ẹ̀rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ létí odò nísinsìnyí.

Ìṣòro tí ó kù ni pé ojú kò lè rí ẹ̀ṣọ́. Ní ọdún 1971, Eva Engvall àti Peter Perlmann ní Sítọ́kọ́ọ̀mù, àti àwùjọ onímọ̀ mìíràn ní orílẹ̀-èdè Netaláńdì, gbé ọ̀nà kan jáde tí wọ́n fi so ẹ́ńsáìmù mọ́ àwọn purotéènì tí ń dì mọ́ ara wọn, kí ẹ́ńsáìmù náà lè fi àwọ̀ sọ ibi tí wọ́n wà. Kí ó tó di ìgbà náà, èròjà tí ń tú ìtànṣán olóró jáde ni wọ́n ń lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n so pọ̀ yìí ni ó fún ẹ̀láísà lórúkọ.

3.0 Bíbo àwo

Àwo tí wọ́n ń lò jẹ́ ike pólísítáírìnì tí ó ní ihò 96, ìlà mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ihò 12. Ike yìí ní ìwà kan tí ó wúlò: purotéènì máa ń lẹ̀ mọ́ ọn fúnra rẹ̀, láìsí àtè. Àwọn apá purotéènì tí kò fẹ́ràn omi a máa sá kúrò nínú omi lọ bá ara ike tí òun náà kò fẹ́ràn omi. Bí ó bá ti lẹ̀ mọ́ ọn tán, omi fífọ̀ lásán kò tó láti ṣí i kúrò.

Wọ́n á po Ov16 pọ̀ mọ́ omi kábọ́néètì tí pH rẹ̀ jẹ́ 9.6. Bí wọ́n bá lo 2 máíkírógíráàmù nínú mílílítà kan, tí wọ́n sì fi 100 máíkírólítà sínú ihò kọ̀ọ̀kan, 0.2 máíkírógíráàmù ni ó bọ́ sínú ihò kan, gbogbo àwo kò sì gbà ju 20 máíkírógíráàmù lọ. Wọ́n á bo àwo náà kí omi má baà gbẹ, wọ́n á sì fi í sínú fíríìjì ní 4°C di ọjọ́ kejì. Òtútù àti àkókò gígùn máa ń jẹ́ kí purotéènì tẹ́ sílẹ̀ dọ́gba nínú gbogbo ihò.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé bí purotéènì bá ṣe pọ̀ tó ni yóò dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, purotéènì yóò gun orí ara wọn. Èyí tí ó wà lókè kò lẹ̀ mọ́ ike, ara purotéènì mìíràn ni ó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ẹ̀ṣọ́ bá wá dì í mú, àwọn méjèèjì a jọ ṣàn lọ pẹ̀lú omi fífọ̀, ihò tí ó yẹ kí ó yọ àwọ̀ a sì ṣe bí ẹni tí kò ní nǹkan.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bo àwo, àyè ṣófo ṣì máa ń kù lára ike. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dé, àwọn purotéènì inú rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ àyè náà bí Ov16 ti ṣe lẹ̀, yálà àrùn wà tàbí kò sí. Nítorí náà, wọ́n á kọ́kọ́ fi purotéènì mìíràn tí kò kan ọ̀ràn náà, bíi ti wàrà tàbí ti omi ẹ̀jẹ̀ màlúù, dí gbogbo àyè tí ó kù fún bíi wákàtí kan. Aláró tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa: ibi tí ẹ̀kọ bá ti bo lára aṣọ, aró kò ní í mú un. Ohun tí ẹ̀kọ ń ṣe fún aṣọ ni purotéènì wàrà ń ṣe fún ike. Ìyàtọ̀ kan wà níbẹ̀: ojú rí ibi tí ẹ̀kọ kò dé, ṣùgbọ́n ibi tí wàrà kò dé lára ike kò ní í hàn títí di ìgbà tí àwọ̀ bá yọ níbi tí kò yẹ.

4.0 Ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀ṣọ́ kejì

Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n á gún ìka ọmọ, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kán sórí bébà tí ń fa omi mu. Bébà náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá pẹ̀lú èròjà tí ń fa ọ̀rinrin. Bí ó bá tutù nínú ọ̀rá, ẹ̀ṣọ́ inú rẹ̀ yóò bàjẹ́ kí ó tó dé yàrá àyẹ̀wò. Bébà tí ó gba 10 máíkírólítà ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n máa ń rẹ sínú omi iyọ̀ fọ́síféètì di ọjọ́ kejì, kí ẹ̀ṣọ́ lè jáde kúrò nínú rẹ̀ padà sínú omi.

Omi ẹ̀jẹ̀ yìí ni wọ́n á dà sínú ihò. Láàárín wákàtí kan, bí ẹ̀ṣọ́ Ov16 bá wà nínú rẹ̀, yóò di Ov16 tí ó wà nísàlẹ̀ mú. Àìmọye purotéènì mìíràn ni yóò kàn léfòó lórí rẹ̀ láìdi ohunkóhun mú. Wọ́n á da omi náà nù, wọ́n á sì fi omi iyọ̀ fọ́síféètì tí wọ́n fi 0.05% Túwíìnì sí fọ ihò náà. Túwíìnì ń ṣe bí ọṣẹ, ó ń ṣí ohun tí kàn fẹ̀yìn ti ara ike láìdi í mú dáadáa. Wọ́n á fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n á sì dojú àwo dé, wọ́n á gbá a mọ́ bébà kí omi tó ṣẹ́ kù lè tán.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á da ẹ̀ṣọ́ kejì sí i. Ara ẹranko ni wọ́n ti ń rí irú ẹ̀ṣọ́ yìí, IgG4 ènìyàn sì ni àmì tí ó ń dì mú. Wọ́n ti so ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ pẹróksídéèsì mọ́ ọn lára. Bí ẹ̀ṣọ́ ọmọ náà bá wà nísàlẹ̀, ẹ̀ṣọ́ kejì á dì í mú, ẹ́ńsáìmù á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ̀ṣọ́ kejì kò ní ibi tí yóò dúró sí, yóò sì ṣàn lọ nígbà tí wọ́n bá tún fọ ihò náà.

Fífọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí ni ó ṣòro jù lọ. Ẹ̀ṣọ́ kejì tí kò rí ibi dúró sí gbọ́dọ̀ lọ tán pátápátá. Ẹ̀kán kan tí ó bá kù sí igun ihò ní ẹ́ńsáìmù nínú, ẹ́ńsáìmù náà kò sì mọ̀ bóyá òun dúró nítorí àrùn tàbí nítorí àìfọ̀ dáadáa.

5.0 Láti àwọ̀ dé orí nọ́ńbà

Omi tí wọ́n á wá dà sí i ní èròjà méjì nínú: háídírójìn pẹrọ́kísáìdì àti TMB. Omi náà kò ní àwọ̀. Ẹ́ńsáìmù á lo pẹrọ́kísáìdì láti yí TMB padà, omi á sì di búlúù. Ẹ́ńsáìmù kì í tán nígbà tí ó bá ṣiṣẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo lè yí àìmọye TMB padà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ìdí nìyí tí ẹ̀ṣọ́ tí kò tó nǹkan fi lè di àwọ̀ tí ojú rí. Ìdí yìí kan náà ni àṣìṣe kékeré fi lè di ńlá.

Bí àkókò bá ṣe ń lọ ni búlúù ń ṣú sí i. Nítorí náà, àkókò gbọ́dọ̀ dọ́gba fún gbogbo ihò. Lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú 10 sí 15, wọ́n á fi ásíìdì sọ́fúríìkì dá iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù dúró, búlúù á sì di òféèfèé. Bí wọ́n ṣe tò ó tẹ̀léra nígbà tí wọ́n ń da TMB, láti ihò àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ni wọ́n gbọ́dọ̀ tò ó nígbà tí wọ́n ń da ásíìdì. Bí ó bá gba ìṣẹ́jú méjì láti da TMB sí gbogbo àwo, tí wọ́n sì wá bẹ̀rẹ̀ ásíìdì láti ẹ̀yìn, ihò ìkẹyìn yóò ti pàdánù ìṣẹ́jú méjì, ti àkọ́kọ́ yóò sì ti jèrè rẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ń ka àwo a máa tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò kọ̀ọ̀kan kọjá. Ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 450 nánómítà ni ó ń lò, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ yìí ni omi òféèfèé náà máa ń gbé mì jù lọ. Ẹ̀rọ á wọn ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, á sì gbé iye kan jáde tí ojú ẹ̀rọ ń pè ní OD, ìyẹn ìwọ̀n dídí ìmọ́lẹ̀:

```
OD = log10(I0 / I)
```

I0 ni ìmọ́lẹ̀ tí ó wọlé, I sì ni èyí tí ó jáde. Bí OD bá jẹ́ 0, gbogbo ìmọ́lẹ̀ ni ó kọjá. Bí ó bá jẹ́ 1, ìdá kan nínú mẹ́wàá ni ó kọjá. Bí ó bá jẹ́ 2, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bí ó bá sì jẹ́ 3, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún péré ni ó kù fún ẹ̀rọ láti kà, ìmọ́lẹ̀ náà sì ti kéré débi pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kò lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín 3 àti 3.5. Ìdí tí wọ́n fi ń lo ìṣirò yìí dípò ìdá ìmọ́lẹ̀ lásán ni pé OD máa ń gòkè ní ìbámu pẹ̀lú iye àwọ̀: bí àwọ̀ bá di ìlọ́po méjì, OD náà a di ìlọ́po méjì, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì ga jù.

Ìka ọwọ́ tàbí ìkán omi lábẹ́ àwo náà lè dí ìmọ́lẹ̀. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ a máa ka ihò kan náà lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ òféèfèé kì í gbé mì, bíi 620 nánómítà, wọ́n á sì yọ èyí kúrò nínú ti àkọ́kọ́. Ohun tí ó kù ni ti àwọ̀ nìkan.

6.0 Àwo kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Kí a gbà pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ 40 dé yàrá àyẹ̀wò láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Ìkìrun. Àwọn iye tí ó wà nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti àpẹẹrẹ nìkan, kí ìṣirò lè yéni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba ihò méjì, ìyẹn ihò 80. Nínú ihò 16 tí ó kù, méjì kò ní ẹ̀jẹ̀ rárá. Mẹ́jọ ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó dájú pé kò ní àrùn náà. Mẹ́fà sì ní ẹ̀jẹ̀ tí ó dájú pé ó ní i, mẹ́ta líle, mẹ́ta tí wọ́n ti là di fífúyẹ́.

Ihò tí kò lẹ́jẹ̀ fún wọn ní 0.05, èyí tí ó jẹ́ ti ike àti omi fúnra wọn. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gbogbo iye yòókù. Lẹ́yìn náà, ihò mẹ́jọ aláìlárùn fún wọn ní 0.11, 0.13, 0.12, 0.14, 0.10, 0.12, 0.13 àti 0.11. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 0.12. Ìwọ̀n ìtúká wọn, ìyẹn bí wọ́n ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba náà tó, jẹ́ bíi 0.013. Àṣà tí ó wọ́pọ̀ ni láti fi ìlọ́po mẹ́ta ìtúká kún ìpíndọ́gba kí ó lè di ààlà ìdájọ́:

```
0.12 + (3 x 0.013) = 0.16
```

Ẹ̀jẹ̀ alárùn líle fún wọn ní 1.80, èyí fífúyẹ́ sì fún wọn ní 0.42. Méjèèjì ga ju ààlà lọ, ìpele wọn sì dúró bí ó ṣe yẹ. Àwo náà ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, wọ́n sì lè máa ka ti àwọn ọmọ.

Ọmọ kìíní ní 0.10 àti 0.12, kò dé ààlà. Ọmọ kejì ní 0.85 àti 0.81. Ìpíndọ́gba rẹ̀ jẹ́ 0.83, ihò méjèèjì sì bá ara wọn mu. Àyẹ̀wò mú un. Ọmọ kẹta ní 0.31 àti 0.12. Bí ẹnì kan bá ṣírò ìpíndọ́gba nìkan, yóò rí 0.215, yóò sì sọ pé àyẹ̀wò mú un. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó wà nínú ihò méjèèjì. Kò sí bí òtítọ́ ṣe lè jẹ́ méjì. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀kán ẹ̀ṣọ́ kejì ṣẹ́ kù sínú ọ̀kan nínú wọn. Ohun tí ó tọ́ ni láti tún un ṣe, kì í ṣe láti pín ìyàtọ̀ náà sí méjì. Ọmọ kẹrin ní 0.15 àti 0.17. Ihò rẹ̀ bá ara wọn mu, ṣùgbọ́n orí ààlà gan-an ni ó dúró sí. Òun náà yẹ fún àtúnṣe lórí àwo mìíràn.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun kan nípa ààlà 0.16 yìí. Ihò mẹ́jọ tí wọ́n ti ara ẹ̀jẹ̀ ènìyàn díẹ̀ wá kò lè sọ bí ẹ̀jẹ̀ gbogbo aláìlárùn ṣe yàtọ̀ síra wọn; bí ọwọ́ ẹni tí ń fa pìpẹ́ẹ̀tì ṣe dúró ṣinṣin tó ni ó ń sọ jù. Ààlà tí ó ṣeé gbára lé gbọ́dọ̀ ti ara ọ̀pọ̀ ènìyàn wá, pàápàá àwọn tí wọ́n ní aràn mìíràn lára ṣùgbọ́n tí wọn kò gbé níbi tí ọnkosẹ́ríkà wà. Lẹ́yìn náà ni àwọn ihò mẹ́jọ á wá di ẹlẹ́rìí ojoojúmọ́ pé ààlà náà kò yẹ̀.

7.0 Bí a ṣe ń mọ̀ pé àwo kan ti bàjẹ́

Àwọn ihò 16 tí kì í ṣe ti ọmọ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ìdàrúdàpọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní ojú tirẹ̀. Bí gbogbo ihò bá ga, títí kan èyí tí kò lẹ́jẹ̀, ẹ́ńsáìmù ti kù sí ibi gbogbo: wọn kò fọ̀ ọ́ tó, tàbí TMB ti bàjẹ́ kí wọ́n tó dà á. Bí ihò tí kò lẹ́jẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ti aláìlárùn ga, àyè ṣófo ṣì wà lára ike tí ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ̀ mọ́. Wọn kò dí i dáadáa.

Èyí tí ó léwu jù ni èyí tí ó dà bí ìròyìn ayọ̀. Kí a gbà pé iná mànàmáná lọ fún ọjọ́ méjì, fíríìjì sì gbóná. Ẹ̀ṣọ́ kejì tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ̀ dànù. Lórí àwo tí ó tẹ̀ lé e, gbogbo ọmọ wà nísàlẹ̀ ààlà. Ẹni tí kò wo ohun mìíràn lè sọ pé àrùn ti kúrò nílùú. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ alárùn líle tí ó máa ń ka 1.80 ka 0.50, èyí fífúyẹ́ tí ó máa ń ka 0.42 sì wá sí 0.12. Èyí fífúyẹ́ ni ẹlẹ́rìí tòótọ́, nítorí pé òun ni ó sún mọ́ ààlà. Bí òun kò bá lè fara hàn, ọmọ tí àrùn rẹ̀ kò pọ̀ náà kò lè fara hàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ da gbogbo èsì àwo náà nù. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá fi sódíọ̀mù ásáídì, èròjà tí kì í jẹ́ kí bakitéríà hù nínú omi, sínú omi ìfọ̀, nítorí pé ó ń pa pẹróksídéèsì.

Àìdọ́gba mìíràn a máa ti ibi tí ihò wà wá. Àwọn ihò etí àwo máa ń tètè gbóná ju ti àárín lọ nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde láti inú fíríìjì, omi wọn sì máa ń tètè gbẹ. Bí àwọn ọmọ tí àyẹ̀wò mú bá wà ní etí nìkan, àwo ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí, kì í ṣe odò.

8.0 Ààlà ìdájọ́ àti ìdá 0.1%

Pẹ̀lú ìṣọ́ra gbogbo yìí, kò sí àyẹ̀wò tí kì í ṣìnà. Kí a gbà pé wọ́n yẹ ọmọ 2,000 wò ní agbègbè tí àrùn náà ti kúrò pátápátá. Bí àyẹ̀wò bá tọ̀nà fún ọmọ aláìlárùn 99 nínú 100, yóò ṣì fi ẹ̀sùn kan ọmọ 20 tí kò ní nǹkan kan. Ọmọ 20 nínú 2,000 jẹ́ 1%, èyí tí ó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá ààlà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Wọ́n á ní kí oògùn máa bá a lọ nítorí àrùn tí ó wà nínú àwo ike nìkan. Kódà bí ó bá tọ̀nà fún 999 nínú 1,000, ọmọ méjì ni a óò máa retí, èyí sì ti dé orí ààlà náà gan-an. Ní ìlú tí àrùn pọ̀ sí, ìṣìnà kékeré yìí kò ní í hàn. Bí àrùn bá ṣe ń dín kù ni ìdá èsì tí ó jẹ́ ìṣìnà ń pọ̀ sí i.

Ẹnì kan lè ní kí wọ́n gbé ààlà ìdájọ́ sókè, láti 0.16 sí 0.45 fún àpẹẹrẹ. Ìṣìnà yóò dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ alárùn fífúyẹ́ tí ó ka 0.42 yóò bọ́ sí ìhà àwọn aláìlárùn. Ọmọ tí eṣinṣin ṣẹ̀ṣẹ̀ gé jẹ, tí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò tíì pọ̀, yóò sá mọ́ àyẹ̀wò lójú. Kò sí ibi tí a lè fi ààlà sí tí ẹnì kankan kò ní í ṣubú sí ìhà tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, èsì ẹ̀láísà kan kì í dá dúró. Ọmọ tí àyẹ̀wò bá mú ni wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lórí àwo mìíràn. Bí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, wọ́n lè gé awọ díẹ̀ lára rẹ̀ láti wá àmì ìran aràn náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ ń sọ pé ara ti pàdé aràn, àmì ìran sì ń sọ pé aràn náà wà níbẹ̀ nísinsìnyí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mú eṣinṣin létí odò, tí wọ́n sì ń wá aràn nínú wọn. Ẹ̀rí ọmọ àti ẹ̀rí eṣinṣin ni wọ́n ń fi wé ara wọn.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Láti ìgbà tí Ov16 ti lẹ̀ mọ́ ike títí dé ìgbà tí OD hàn lójú ẹ̀rọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dáhùn: bí ẹ́ńsáìmù bá wà nínú ihò yìí, ṣé ẹ̀ṣọ́ ọmọ náà ni ó mú un dúró? Dídí àyè ṣófo, fífọ̀, àkókò tí ó dọ́gba, ihò méjì fún ọmọ kan àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń mú kí ìdáhùn náà sún mọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Àwọ̀ kì í purọ́, ṣùgbọ́n iye ẹ́ńsáìmù nìkan ni ó ń sọ. Bí iye náà bá ka 0.83 lónìí, ohun tí ó túmọ̀ sí fún Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkúkù wà lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìlárùn mẹ́jọ tí ó wà lórí àwo kan náà, ẹ̀jẹ̀ alárùn fífúyẹ́ tí kò gbọdọ̀ sọnù, àti iye ọmọ tí wọ́n yẹ̀ wò kí wọ́n tó rí ẹyọ kan yẹn.